Iṣẹ́ Méjì, Àtẹ Kan

Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ méjì wọlé fún ọ̀rẹ́ wa kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ má rò pé àlọ́ la fẹ́ pa. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó jọ parí ìsìnrú ìlú pẹ̀lú rẹ̀ ṣì ń wá ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n méjì náà ní wàhálà tirẹ̀, torí pé ibi tí ọ̀kan ti dára gan-an ni èkejì ti burú, ọjọ́ Ẹtì sì ni àwọn méjèèjì ní kó dáhùn.

Àwa mẹ́ta tá à ń kọ èyí ṣì wà ní ọdún karùn-ún ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọdún kan náà la wọ yunifásítì pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣirò owó ló kà, ọdún mẹ́rin ló fi parí, ó sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán kí àwa tó rí ìdí iṣẹ́ àṣekágbá wa. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé ló pè wá lórí fóònù pé, "Ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ wá bá mi ṣírò ọ̀rọ̀ yìí o, orí mi ti fẹ́ fọ́." Oníṣirò owó ló ń bẹ̀ wá pé ká bá òun ṣírò! A rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a gbé fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, a sì mú bíírò.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wà ní Erékùṣù Fikitóríà, ní ilé iṣẹ́ ìnáwó kan. Lẹ́tà wọn kọ 3,600,000 náírà lọ́dún. Èkejì wà ní Ìkẹjà, ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń yẹ ìwé owó àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn wò, àwọn tá à ń pè ní ọ́dítọ̀. Lẹ́tà tiwọn kọ 2,400,000 náírà lọ́dún. Ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkòròdù ló ń gbé, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti máa lọ síbi iṣẹ́, torí kò sí owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ààyè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, gbogbo ilé sì ti ń wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n fún owó ilé ìwé.

Ìyá rẹ̀ ti dájọ́ tirẹ̀: èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ ni kó mú, kí ló tún kù? Bàbá rẹ̀ ní kó wo ibi tó ti máa kọ́ṣẹ́ dáadáa, pé owó ń bọ̀ lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé tílẹ̀ bá mọ́, òun á ti pinnu pé Erékùṣù lòún ń lọ, tó bá sì di alẹ́, Ìkẹjà ni ọkàn òun á tún fà sí.

Ọgbọ́n tá a lò kì í ṣe tuntun, iṣẹ́ ni wọ́n sì torí ẹ̀ dá a látìbẹ̀rẹ̀. Ní 1772, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Ọba kan, Jósẹ́fù Prísítílì, ń ro ó bóyá kóun gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọlọ́lá kan tàbí kóun má gbà á. Ó ní kí Bẹ́ńjámínì Fránkílìn gba òun nímọ̀ràn. Fránkílìn kọ̀wé padà pé òun ò lè sọ èyí tó máa mú fún un, ṣùgbọ́n òun lè sọ bó ṣe máa pinnu: kó fa ilà sí àárín ojú ìwé, kó kọ ìdí tó fi yẹ kó gbà á sápá kan, kó kọ ìdí tí kò fi yẹ sápá kejì, kó wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó, kó sì máa pa àwọn tó bá dọ́gba rẹ́. Prísítílì gba iṣẹ́ náà. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ló wà ní 1774 tó fi ya ọ́síjìn sọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò ní sọ pé ilà àárín ojú ìwé ló bá a rí i.

Tiwa yàtọ̀ díẹ̀, torí iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé a nílò òṣùwọ̀n kan náà tá a máa gbé lé iṣẹ́ méjèèjì.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, a ò jẹ́ kó fún iṣẹ́ kankan ní máàkì. Òṣùwọ̀n la kọ́kọ́ gé. Ohun mẹ́ta ló sọ pé ó jẹ òun lógún: owó tó máa ṣẹ́ kù sóun lọ́wọ́ lóṣù, wákàtí tóun máa lò lójú ọ̀nà lójúmọ́, àti bóun ṣe máa tẹ̀ síwájú. A ní kó gbé lẹ́tà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó wá sọ fún wa kí ni òdo jẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí sì ni mẹ́wàá.

Ní ti owó, ó ní òdo ni 80,000 náírà. Ilé ń retí 50,000 lọ́wọ́ òun lóṣooṣù, òun ò sì rò pé òun lè fi ohun tó bá dín ní 30,000 jẹun ọ̀sán, kí òun ra dátà, kí òun tún ra ọṣẹ àti ìpara. Mẹ́wàá ni 180,000, iye tóun fi lè san owó ilé ìwé àbúrò òun láìyá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí díẹ̀ sì kù tóun máa tọ́jú. Nítorí náà, 10,000 náírà kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí 80,000 jẹ́ máàkì kan. Ní ti ọ̀nà, òdo ni wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, mẹ́wàá ni wákàtí kan péré. Ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan jẹ́ máàkì kan.

Ìdí tá a fi ní kó gé òṣùwọ̀n látinú ìgbésí ayé tirẹ̀ ni pé ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni kí wọ́n wo iṣẹ́ méjì tó wà níwájú wọn, kí wọ́n fún èyí tó dára jù ní mẹ́wàá, kí wọ́n sì fún èkejì ní òdo tàbí méjì. Ó dà bíi pé kò séwu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní owó iṣẹ́ méjèèjì fi 2,000 náírà péré ju ara wọn lọ ńkọ́? Mẹ́wàá àti òdo náà ni wọ́n máa gbà. Owó ìpápánu ọjọ́ kan á wá wúwo bí owó ilé. Tẹ́ ẹ bá rí àtẹ tí gbogbo máàkì inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá àti òdo, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti gé òṣùwọ̀n rẹ̀.

Ìtẹ̀síwájú ló ṣòro jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí kò sẹ́ni tó ń ka ìyẹn ní náírà tàbí ní wákàtí. Gbogbo lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ló máa ń sọ pé èèyàn máa dàgbà lọ́dọ̀ àwọn. Bí èèyàn bá kàn fi ojú inú fún un ní máàkì, èyí tí ọ́fíìsì rẹ̀ ní gíláàsì tó ń dán ló máa borí. Torí náà a sọ ọ́ di ìbéèrè márùn-ún tí èèyàn lè rí ìdáhùn sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan máàkì méjì. Ṣé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà gan-an ni yóò jẹ́, àbí òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì tí wọ́n gbà wọlé nípasẹ̀ alágbàtà? Ṣé iṣẹ́ tó máa ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ yóò ju ẹyọ kan lọ? Ṣé wọ́n máa ràn án lọ́wọ́ láti ṣe ìdánwò àjọ àwọn oníṣirò owó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Áíkàn? Ṣé ẹnì kan wà tó ti gba ìwé ẹ̀rí náà tó máa jókòó tì í kọ́ ọ níṣẹ́? Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe kókó jù lójú tiwa: àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lórí àga yẹn gan-an ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ibo ni wọ́n wà báyìí?

Lẹ́yìn náà ló kan ìwọ̀n, ìyẹn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe máa wúwo tó. Tẹ́ ẹ bá bi èèyàn ní gbangba pé èwo ló ṣe pàtàkì jù, ẹnu á ti sọ "owó" kí ọkàn tó ronú. A ò bi í bẹ́ẹ̀. Ohun tá a sọ ni pé, "Ká ní iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ òdo nínú gbogbo rẹ̀: 80,000 ló máa kù sí ẹ lọ́wọ́, wákàtí mẹ́fà lo máa lò lójú ọ̀nà, iṣẹ́ ọ̀hún ò sì mú ẹ lọ síbì kankan. Wọ́n ní ẹyọ kan ṣoṣo lo lè gbé láti òdo dé mẹ́wàá. Èwo lo máa gbé?" Ó ní owó. A ní ká pe ìyẹn ní 80. A ní tó bá jẹ́ pé ìtẹ̀síwájú ló máa gbé dé mẹ́wàá ńkọ́, báwo ni ayọ̀ ìyẹn ṣe máa tó sí ti owó? Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní 70. Ọ̀nà? Ó ní 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200, a pín gbogbo rẹ̀ sí méjì kó lè jẹ́ 100: owó 40, ìtẹ̀síwájú 35, ọ̀nà 25.

Ìbéèrè yẹn dára ju "èwo ló ṣe pàtàkì jù" lọ, torí pé owó tó ti 80,000 lọ sí 180,000 ló fi ń wé wákàtí tó ti mẹ́fà wá sí ẹyọ kan. Ká ní òṣùwọ̀n owó kúrú, bóyá láti 80,000 sí 90,000 péré, ìwọ̀n owó náà gbọ́dọ̀ kéré sí i. Ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n jọ ń rìn ni, ẹ má yí ọ̀kan padà kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀.

A ní kó kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí wa kó tó sùn. Ọwọ́ máa ń yún èèyàn láti fi ìwọ̀n díẹ̀ kún ibi tí iṣẹ́ tó wù ú ti gba máàkì gíga. Tí fọ́tò bá ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, ìtìjú á di ọwọ́ náà mú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló lọ wo ọ̀nà Erékùṣù, ní ọjọ́rú ó wo ti Ìkẹjà. A sọ fún un pé kó má lọ lọ́sàn-án, kó má sì wo ohun tí máàpù orí fóònù sọ lálẹ́ Sátidé. Àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ gan-an ni kó jáde, kó dúró síbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, kó sì bá wọn padà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó kúrò nílé ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé e dé ibùdókọ̀, ó tò fún bọ́ọ̀sì ńlá lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ó tún wọ dánfó kan lẹ́yìn ìyẹn. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló débẹ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ nìyẹn. Bíbọ̀ gba wákàtí mẹ́ta. Gbogbo owó ọkọ̀ lójúmọ́ jẹ́ 4,000 náírà. Ti Ìkẹjà gba wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ní àlọ, wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ní àbọ̀, owó rẹ̀ sì jẹ́ 2,400. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀ sí wákàtí mẹ́ta.

Ọjọ́ kan péré kò tó láti fi dá ọ̀nà Èkó lẹ́jọ́, ẹni tó mọ Kẹtú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Torí náà ó bi àwọn tó bá tò sórí ìlà bóyá báyìí náà ló ṣe máa ń rí. Wọ́n ní tí òjò bá rọ̀, kó fi wákàtí kan kún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú ló fi fóònù pe àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni iye tó máa wọ inú àkáǹtì òun lóṣù, torí lẹ́tà kò sọ ìyẹn. Owó ọdún tí wọ́n kọ gàdàgbà yẹn ni owó kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Ti ìfẹ̀yìntì kì í ṣe owó tó sọ nù. Òfin 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá mẹ́wàá kún un, orúkọ òṣìṣẹ́ sì ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣeé fi wọ bọ́ọ̀sì lónìí.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ a wá jókòó ti owó náà. Ẹ bá wa wò ó bó ṣe ń yọ́. Lórí lẹ́tà, Erékùṣù jẹ́ 300,000 lóṣù, Ìkẹjà jẹ́ 200,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100,000, òun náà sì ni ìyá rẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n sọ pé ó máa wọ àkáǹtì jẹ́ 240,000 àti 166,000, ìyàtọ̀ ti di 74,000. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 ló wà nínú oṣù lápapọ̀, torí náà ọkọ̀ Erékùṣù máa gba 88,000 náírà, ti Ìkẹjà máa gba 52,800. Ohun tó ṣẹ́ kù ni 152,000 àti 113,200. Ìyàtọ̀ náà ti di 38,800.

Kí Erékùṣù tó fún un ní 38,800 yẹn, ó máa fi wákàtí 55 jókòó sójú ọ̀nà lóṣù ju bó ṣe máa ṣe tó bá jẹ́ Ìkẹjà. Ẹ pín in: nǹkan bí 705 náírà fún wákàtí kan. Wákàtí 55 yẹn, ó ku ẹyọ kan kó pé ọjọ́ iṣẹ́ méje oníwákàtí mẹ́jọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé a ti yọ owó ọkọ̀ kúrò nínú owó oṣù. Nítorí náà lórí ìlà "ọ̀nà" nínú àtẹ, wákàtí nìkan là ń kà. Tí èèyàn bá tún torí pé ọkọ̀ Erékùṣù wọ́n gé máàkì rẹ̀ lórí ìlà ọ̀nà, ó ti gba owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ iṣẹ́ kan náà.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ìtẹ̀síwájú márààrún náà la ṣe mọ ohun tí lẹ́tà kò sọ. Iṣẹ́ Erékùṣù jẹ́ ti kọ́ńtíráàtì, ọdún kan kan ni wọ́n máa ń tún un ṣe. Iṣẹ́ ọ̀hún ni kó máa fi ìwé owó tó wọlé wé èyí tó jáde, ẹyọ yẹn náà ni láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ wà níbẹ̀, ìyẹn gba méjì. Nígbà tó bi ẹni tó gbé fóònù nípa àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà níbẹ̀, lórí kọ́ńtíráàtì náà. Ẹnì kan ti di òṣìṣẹ́ gidi. A fún ìyẹn ní ẹyọ kan. Àpapọ̀ jẹ́ mẹ́ta.

Ní Ìkẹjà, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni yóò jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi máa dán an wò. Wọ́n máa gbé e lọ yẹ ìwé owó wò nílé iṣẹ́ oríṣiríṣi. Wọ́n máa ń fún àwọn tó ń ṣe ìdánwò Áíkàn, èyí tó máa ń wáyé ní oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá, ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n wọn kì í san owó ìdánwò, torí náà ẹyọ kan ni wọ́n gbà níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan ti di ọ̀gá kékeré níbẹ̀, ọ̀kan ti lọ sílé iṣẹ́ tó tóbi jù, wọn ò mọ ibi tí ẹ̀kẹta wà. Ẹyọ kan náà la fún ìyẹn, torí oníṣẹ́ ló ń sọ nípa iṣẹ́ ara rẹ̀. Àpapọ̀ jẹ́ mẹ́jọ.

Bí àtẹ náà ṣe jókòó nìyí:

| Ohun tí à ń wò | Ìwọ̀n | Erékùṣù | Ìkẹjà |
|---|---|---|---|
| Owó tó ṣẹ́ kù | 40 | 7.2 | 3.3 |
| Wákàtí ojú ọ̀nà | 25 | 1 | 6 |
| Ìtẹ̀síwájú | 35 | 3 | 8 |
| Àpapọ̀ | 100 | 418 | 562 |

Ìwọ̀n ni ẹ máa fi sọ máàkì di púpọ̀ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà lẹ ti ń ṣe é, tí ìwọ̀n wà ní B2 dé B4, tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì wà ní C2 dé C4, ohun tẹ́ ẹ máa tẹ̀ síbi àpapọ̀ nìyí:

```
=SUMPRODUCT($B$2:$B$4,C2:C4)
```

Ẹ fà á lọ sápá ọ̀tún fún iṣẹ́ kejì. Àmì dọ́là yẹn ni kò ní jẹ́ kí ìwọ̀n sún kúrò láyè rẹ̀.

Ìkẹjà fi 144 borí. Ọ̀rẹ́ wa mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó ti parí nìyẹn." A ní rárá o, ó kù. Ẹni tó bá dúró níbi àpapọ̀ kò tíì mọ bóyá ilé tó kọ́ lè gba atẹ́gùn. Ìwọ̀n 40 yẹn, àbá ni. Ká ní ìyá rẹ̀ ló fún wa ní ìwọ̀n ńkọ́? A gbé owó sí 60, a pín 40 tó kù fún ọ̀nà àti ìtẹ̀síwájú bí wọ́n ṣe wà sí ara wọn tẹ́lẹ̀, ìyẹn 17 àti 23. Erékùṣù gba 518, Ìkẹjà gba 484. Ó yí padà. A wá ń sọ owó kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a fi rí ibi tí àwọn méjèèjì ti dọ́gba: nǹkan bí 56 ni. Tí owó bá wúwo ju 56 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójú rẹ̀, kó lọ sí Erékùṣù. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kó lọ sí Ìkẹjà.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ló wúlò fún wọn nílé, ó jù 418 àti 562 lọ. Ìyá àti bàbá rẹ̀ ò tún jiyàn mọ́ nípa iṣẹ́ wo ló dára. Ohun tó kù láti jíròrò ni bóyá owó wúwo ju gbogbo ohun tó kù lápapọ̀ lọ nínú ilé yẹn lọ́dún yìí. Ìyẹn jẹ́ ìbéèrè tí òbí àti ọmọ lè jọ dáhùn.

A tún dán máàkì mẹ́jọ ìtẹ̀síwájú wò, torí òun ló rọ̀ jù nínú àtẹ. Ká ní irọ́ ló pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ fún un ní Ìkẹjà, tí mẹ́jọ náà sì já sí mẹ́rin: Ìkẹjà máa gba 422, Erékùṣù 418. Wọ́n ti di ọgbọọgba nìyẹn, torí kò sí ẹni tó lè fi máàkì mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún búra. Tó bá já sí mẹ́ta, Erékùṣù ló borí. Nítorí náà, kí Ìkẹjà tó pàdánù, ìdajì ohun tí wọ́n sọ gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́. Ó wá ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí lórí ẹ̀rọ ayélujára, ó bi í ní ìbéèrè méjì. Ẹni náà ní òótọ́ ni ti ìsinmi ìdánwò, àti pé owó oṣù máa ń pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà míì.

Ibì kan wà tí àtẹ yìí kò lè dé. Nítorí pé à ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni, ohun tó dára gan-an lè bo ohun tí ara ò gbà mọ́lẹ̀. Ká ní iṣẹ́ kan fi 60,000 péré sílẹ̀ lóṣù ṣùgbọ́n ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tó sì ń kọ́ni níṣẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ lè pọ̀, síbẹ̀ ilé ò ní rí 50,000 gbà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fagi lé e kó tó dénú àtẹ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ pé ibi tí èèyàn ti máa dúró de ọkọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí kò láàbò. Máàkì kọ́ nìyẹn.

Ohun tá ò retí ni pé àtẹ náà máa sọ ohun tó yẹ kó béèrè fún. Ibi tí Ìkẹjà ti rọ jù ni 3.3 ti owó, ibẹ̀ náà sì ni ìwọ̀n ti pọ̀ jù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ó pè wọ́n, kò sọ pé "Ẹ fowó kún owó mi," ó ní ọkọ̀ máa gba 52,800 lọ́wọ́ òun lóṣù, ṣé wọ́n lè ran òun lọ́wọ́ níbẹ̀? Wọ́n ní kó dúró. Lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n ní àwọn máa fi 15,000 owó ọkọ̀ kún un lóṣooṣù, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ohun tó máa kù sí i lọ́wọ́ di 128,200, máàkì owó di 4.8, àpapọ̀ Ìkẹjà di 622. Owó á ní láti wúwo tó 68 kí Erékùṣù tó lè bá a. Ó pe Erékùṣù náà, ó bi wọ́n bóyá wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun máa di òṣìṣẹ́ gidi lẹ́yìn ọdún kan. Wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé ìyẹn kì í ṣe ìlànà àwọn.

Kó tó fọwọ́ sí i, ó fi 705 náírà yẹn han ìyá rẹ̀. Ìyá wo ìwé náà títí. Wọ́n ní, "Wákàtí kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, 705? Oorun tó o máa pàdánù ńkọ́, ta ló ń san ìyẹn?" Bàbá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn rọra mú ìwé ìròyìn wọn.

Ó fọwọ́ sí lẹ́tà Ìkẹjà ní aago mọ́kànlá, ó sì pe Erékùṣù kí ọ̀sán tó pọ́n kí wọ́n lè pe ẹlòmíràn tó ń dúró. Owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀ kò lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà nínú 128,200, ìyẹn ṣì wà nílẹ̀. Bàbá máa san ìdajì nísinsìnyí, òun á máa san ìdajì tó kù ní ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn owó oṣù àkọ́kọ́ àti ìkejì, tí wọn ò bá fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́.